Fìlà Ìjàpá àti Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́sàn-án: Ohun Tí Sítórìbọ́ọ̀dù àti Animátíìkì Ń Dán Wò

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Walt Disney ń ṣe Snow White and the Seven Dwarfs, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1937, ayàwòrán ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ward Kimball gba ìran kan láti yà. Ìran ọbẹ̀ mímu ni: àwọn aràrá méje jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń fi ariwo fa ọbẹ̀ sẹ́nu, oníkálùkù pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Kimball fi yà á. Àwòrán pẹ́ńsùlù rẹ̀ ṣì wà títí dòní, ó sì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n to fíìmù náà pọ̀ tí Disney wò ó, ó pe Kimball, ó sọ fún un pé òun máa yọ ìran náà kúrò pátápátá. Ayaba búburú ti ń bọ̀ lọ́nà, ọkàn òǹwòran ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn aràrá sì ṣì ń mu ọbẹ̀. Ìtàn náà dúró sójú kan.

Àwòrán Kimball kò lábùkù. Ibi tí ìran náà bọ́ sí nínú ìtàn, àti àkókò tó ń jẹ, ni àbùkù wà. Ó dun Kimball débi pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí Disney fi pẹ̀tù sí i nínú ni pé ó fún un ní ìrẹ̀ inú Pinocchio láti darí.

Ẹni tó bá ń ṣe fíìmù kàtúùnù lónìí ní irinṣẹ́ méjì tó lè fi mọ irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ tó kan àwòrán ìkẹyìn. Àkọ́kọ́ ni sítórìbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn àpótí àwòrán tí wọ́n fi sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni animátíìkì: àwọn àpótí náà gan-an ni wọ́n kó sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tirẹ̀, wọ́n sì fi ohùn àti ariwo sí i, kó lè ṣeé wò bíi fíìmù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì, pé èkejì kàn jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú kó máa yí. Èrò yìí ló ń kó wọn sí gbèsè. Ìbéèrè tí ọ̀kan ń dáhùn kò sí lọ́wọ́ èkejì.

Sítórìbọ́ọ̀dù ló dàgbà jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ní ilé iṣẹ́ Disney kan náà, Webb Smith bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìran kọ̀ọ̀kan sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń kàn wọ́n mọ́ pátákó ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Three Little Pigs, tó jáde ní 1933, wà lára àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí. Àǹfààní rẹ̀ hàn kíá. Bébà tí kò bá dára, wọ́n á tú u, wọ́n á kan òmíràn rọ́pò. Èyí tó yẹ kó wà níwájú, wọ́n á gbé e síwájú. Gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá á sì máa rí ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé oníkálùkù ń fojú inú wo tirẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀, ká fi ṣe fíìmù kékeré. Ìjàpá lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà gbé àsáró ka iná, ó sì jáde lọ pọnmi. Ọ̀kánjúwà mú Ìjàpá, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó dé e mọ́rí, ó ní òun ń lọ ilé. Bó ti ń kánjú tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyàwó ń sìn ín lọ, tó ń kí i lákìítúnkí, títí tí ooru àsáró fi bó o lórí. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń pa á báyìí pé ìdí tí Ìjàpá fi pá lórí nìyẹn.

Ká ní ayàwòrán kan pín ìtàn yìí sí àpótí 14. Nínú èkíní a rí àgbàlá àti ìkòkò lórí ààrò. Nínú èkejì, ìyá gbé igbá, ó ń jáde lọ. Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí ìkòkò, ó bu àsáró, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó ń padà bọ̀, ó dà á sínú fìlà, ó dé e. Láti àpótí 9 ni ìyá ti wọlé tí ìdágbére bẹ̀rẹ̀. Ní 11 wọ́n ti dé oríta. Ní 12 òógùn bo Ìjàpá. Ní 13 ó ń fò sókè. Ní 14 fìlà já bọ́, àsáró sì ń ṣàn lórí rẹ̀. Àwòrán wọ̀nyí kò ní àwọ̀, ìlà wọn kò dán, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà láti yà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí ẹni tó bá lo odidi ọjọ́ kan lórí àpótí kan kò ní fẹ́ ya á dànù nígbà tí wọ́n bá ní kò wúlò.

Ìdánwò tó wà fún sítórìbọ́ọ̀dù rọrùn, ó sì le. Ẹ gbé àpótí 14 náà fún ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Ẹ bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ wọn. Ẹ ní kó máa sọ ohun tó rí. Ẹ má là á lọ́yẹ, ẹ má ràn án lọ́wọ́.

Ibi tó bá ti ṣìnà ni àpótí ti kùnà. Ká ní ó sọ pé, “Ó jí oúnjẹ, ó fi pamọ́ sínú fìlà, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á mú un.” Ó gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan gbígbóná. Ayàwòrán mọ̀ pé àsáró náà gbóná, nítorí ó mọ ìtàn. Nínú gbogbo àpótí 14, kò sí ibi tí òǹwòran ti rí i. Bí òógùn Ìjàpá bá wá jáde ní àpótí 12, ẹ̀rù ni yóò jẹ́ lójú òǹwòran, ẹ̀rín tí a ń wá kò sì ní sí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àpótí kan lọ: Ìjàpá fọwọ́ kan ọmọrí ìkòkò, ó yọwọ́ wàrà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, oruku èéfín sì ń gòkè láti inú ìkòkò. Àpótí di 15.

Ìṣòro kejì fara sin díẹ̀. Nínú àpótí 9 àti 10, Ìjàpá wà lápá òsì, ìyá wà lápá ọ̀tún, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ sì kọjú sí òsì. Nínú àpótí 11, ayàwòrán rò pé oríta náà máa dùn ún wò láti òdìkejì, ó gbé kámẹ́rà sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì wọn. Lójú ẹsẹ̀, Ìjàpá bọ́ sí ọ̀tún, ó sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Òǹwòran á sọ pé, “Wọ́n ti ń padà sílé.” Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń fojú inú fa ìlà kan láàárín àwọn méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà lè rìn káàkiri ní ẹ̀gbẹ́ kan ìlà náà, ṣùgbọ́n bó bá fò ó kọjá láìjẹ́ kí òǹwòran rí i nígbà tó ń sọdá, òsì á di ọ̀tún. Ẹni tó bá rí àpótí 10 àti 11 tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pátákó á rí àṣìṣe yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá di ẹ̀yìn tí wọ́n ti kun àgbàlá àti oríta láwọ̀ tán, àtúnyà ni.

Ẹ̀kẹta ni ìrísí. Níbi tí Ìjàpá ti ń da àsáró sínú fìlà, ayàwòrán ya á láti iwájú. Ìgbá ẹ̀yìn rẹ̀, apá rẹ̀ àti fìlà náà wá dì pọ̀ sójú kan. Ọ̀nà tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí ń gbà dán an wò ni kí wọ́n fi dúdú kun gbogbo ara àwòrán náà bí òjìji, kí wọ́n wá bi ara wọn bóyá ìṣe náà ṣì hàn. Níbí, òkìtì dúdú kan lásán ló kù. Bí wọ́n bá yí Ìjàpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí fìlà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ìpọnwọ́ sì wà lókè, tí àyè funfun sì wà láàárín méjèèjì, ọmọdé á mọ ohun tó ń ṣe.

Kí ó hàn, kí ó yé, kí a mọ ẹni tó wà níbo àti ohun tí ojú ń wò: iṣẹ́ àpótí parí síbẹ̀. Ohun kan wà tí kò lè sọ láéláé, òun ni bí ìgbà ṣe ń lọ.

Ẹni tó ń wo pátákó ló ń pín àkókò fún ara rẹ̀. Bí àpótí kan bá dùn mọ́ ọn, á dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Èyí tí kò bá wù ú, á fojú fò ó. Ó tún wá burú sí i nígbà tí ayàwòrán bá dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi ẹnu sọ ìtàn náà, bí àṣà wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn-án sọ á yí ohùn padà di ìyá ìyàwó, á dákẹ́ níbi tó yẹ, á sáré níbi tó yẹ, gbogbo yàrá á sì fi ẹ̀rín ya. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń rín. Ẹnu rẹ̀ kò sì ní bá fíìmù náà lọ sílé òǹwòran.

Animátíìkì ló ń gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tó ń wò àti lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ. Fíìmù a máa rìn ní fíréèmù 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Olóòtú á to àwọn àpótí sórí ìlà àkókò nínú kọ̀ǹpútà, á sì pinnu iye fíréèmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lò lójú kí òmíràn tó gbà á: méjìlá fún ojú tó ṣẹ́ wàìwàì, àádọ́rin fún àgbàlá tí a kọ́kọ́ rí. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn á ya ohùn wọn lò fún Ìjàpá àti ìyá, wọ́n á fi fóònù gbà á sílẹ̀ bí kò bá sí nǹkan tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ariwo ìkòkò, ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ àti adìẹ àgbàlá sí i. Kò sí owó ńlá nínú rẹ̀. Blender, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ní àyè yíya àwòrán àti àyè títò ó sórí ìlà àkókò.

Ká ní fíìmù Ìjàpá wa jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 40 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tò ó, tí ìdágbére ní oríta sì gba mẹ́rin nínú rẹ̀. Ìyá kí i, òógùn bo Ìjàpá, ó fò, fìlà já bọ́. Lórí pátákó, ibẹ̀ gan-an ló pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Nínú animátíìkì, ojú wọn kò tilẹ̀ yí. Ìdí ni pé ìrora Ìjàpá kò ráàyè dàgbà. Òǹwòran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé àsáró gbóná, fìlà ti wà nílẹ̀.

Ohun tí olóòtú máa kọ́kọ́ ṣe ni kó fà á gùn. Ó fi àpótí oríta náà sílẹ̀ lójú fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Àwọn tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíra padà lórí àga, ọ̀kan tilẹ̀ yọ fóònù. Gígùn nìkan kò tó; nǹkan kan gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ nínú gígùn náà. Wọ́n padà sídìí pátákó, wọ́n ya àpótí mẹ́ta tuntun. Ìyá dágbére, ó yí padà láti lọ. Ìjàpá mí kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi fìlà. Ìyá wá yíjú padà: “Ọkọ ọmọ mi, mo mà fẹ́ gbàgbé! Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé o. Ìyá àgbà ńkọ́?” Ọwọ́ Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀ lọ́ra, òógùn kan ṣoṣo sì yọ lábẹ́ etí fìlà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. Ẹ̀rín bẹ́ níbi tí ìyá ti yíjú padà, kí Ìjàpá tó fò rárá.

Ẹ̀rín náà kò sí nínú àpótí kankan nínú àwọn 18 tó wà nílẹ̀ báyìí. Àárín méjì nínú wọn ló wà, nínú ìwọ̀nba àsìkò tí Ìjàpá fi rò pé òun ti bọ́. Nítorí náà ni iṣẹ́ fi máa ń lọ síwá-sẹ́yìn láàárín irinṣẹ́ méjèèjì: animátíìkì á ní àkókò ibí yìí kò dára, pátákó á pèsè àpótí tó máa gba àkókò náà, wọ́n á tún gbé e padà sínú animátíìkì.

Ẹ wo ohun tí èyí fi pa mọ́. Fíìmù wa ti di ìṣẹ́jú àáyá 45, ìyẹn fíréèmù 1,080. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ yà á, tí àwòrán kan ń gba fíréèmù méjì bó ṣe wọ́pọ̀, àwòrán Ìjàpá nìkan á sún mọ́ 540 bó bá ń mira láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá. Àpótí 18 ni wọ́n fi rí gbogbo àṣìṣe tí a ti sọ wọ̀nyí.

Nínú fíìmù gígùn, ohun tí animátíìkì ń dán wò tún ju ẹ̀rín inú ìran kan lọ. Ìgbà tí wọ́n bá wo gbogbo ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n tó lè mọ bóyá òǹwòran á fẹ́ràn ẹni tí ìtàn dá lé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1993, àwọn ará Pixar gbé animátíìkì Toy Story lọ síwájú àwọn ọ̀gá Disney tó ń náwó sí i. Fún ìgbà pípẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn pé kí Woody le sí i, kí ẹnu rẹ̀ mú sí i. Ìyípadà kéékèèké ni, ìran kan lónìí, gbólóhùn kan lọ́la, kò sì sí èyí tó dà bí ohun tó lè ba fíìmù jẹ́ lórí pátákó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá ń lọ lójú wọn tẹ̀léra-tẹ̀léra, wọ́n rí i pé òǹrorò ni Woody ti dà. Nínú ẹ̀dà yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ti Buzz bọ́ láti ojú fèrèsé ni.

Disney dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ará Pixar ṣì ń pe ọjọ́ náà ní Black Friday. John Lasseter àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gba ààyè láti tún ìtàn náà ṣe, wọ́n kọ Woody di ẹni tó ní láárí tí owú kàn ń dà láàmú, ìṣubú Buzz sì di ìjàǹbá tó kọjá ohun tí Woody gbèrò. Ní ọdún 1994 iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, fíìmù jáde ní 1995. Bó bá jẹ́ pé àwòrán kọ̀ǹpútà tó ti parí ni wọ́n gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, ó ṣòro láti rí ibi tí wọ́n á ti rí owó tún un ṣe.

Finding Nemo ti 2003 fi ojú mìíràn hàn. Andrew Stanton kọ́kọ́ gé ìtàn ikú ìyá Nemo sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi í sáàárín fíìmù díẹ̀díẹ̀, kí òǹwòran tó wá mọ òkodoro nígbẹ̀yìn. Ọgbọ́n tó gún régé ni lórí bébà. Nínú animátíìkì, àwọn tó wò ó kò fẹ́ràn Marlin, bàbá Nemo; baba tó ń dààmú ọmọ láìnídìí ni wọ́n rí, nítorí wọn kò tíì mọ ohun tó bá a. Stanton kó gbogbo wẹ́wẹ́ náà jọ, ó fi wọ́n ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù: ẹja burúkú dé, ìyá kú, ẹyin kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn èyí, ìdààmú kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu kan náà, wá di ìfẹ́ lójú òǹwòran. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ló yí padà, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan tí ojú kì í rí tó bá ń wo pátákó ní ẹyọ ẹyọ.

Ṣùgbọ́n animátíìkì náà lè tan èèyàn, ó sì yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ ọ̀nà ẹ̀tàn rẹ̀.

Orin ni àkọ́kọ́. Ẹ gbé ìlù tó dùn sábẹ́ ìran tó ti kú, á dà bíi pé ó jí. Olóòtú tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ á pa gbogbo ohùn, á wo àwòrán nìkan. Lẹ́yìn náà á yíjú kúrò, á gbọ́ ohùn nìkan. Bí ìtàn bá sọnù nígbà tí ohùn kú, àpótí kò tíì ṣe iṣẹ́ wọn, orin ló ń ru ẹrù wọn.

Ìkejì ló máa ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára jù. Àpótí kan tó dúró sójú kan kì í pẹ́ yé èèyàn. Òǹwòran lè rí “Ìjàpá dé fìlà” láàárín fíréèmù mẹ́wàá, kó sì ti yé e. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tó ń mira gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kó gbé fìlà pẹ̀lú ìṣọ́ra kí àsáró má dànù, kó yí i dé, kó sì nà tán kó má bàa fura sí ara rẹ̀. Èyí kò ṣeé ṣe nínú fíréèmù mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn àkókò pa sórí mẹ́wàá, ayàwòrán á fún ìṣe náà mọ́ inú rẹ̀, gbogbo ara Ìjàpá á sì máa já pàtìpàtì. Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ èyí ni kí ẹnì kan dìde, kó gbé fìlà gidi tí omi wà nínú rẹ̀, kó ṣe é, kí ẹlòmíràn sì fi aago kà á. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, 48 ni kí wọ́n kọ.

Ohùn àyálò náà ní ewu tirẹ̀. Bí òṣèré tí wọ́n gbà bá ń fa ọ̀rọ̀ ju òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ, gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe á yẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohùn àyálò ló máa ń borí: nínú A Bug’s Life ti 1998, Joe Ranft, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ya ìtàn ní Pixar, ló kàn fi ohùn rẹ̀ di àyè mú fún kòkòrò Heimlich, ohùn náà sì bá Heimlich mu débi pé òun ni wọ́n lò nínú fíìmù tó jáde.

Èyí tó kẹ́yìn ni ojú tó ti wo nǹkan jù. Ẹni tó bá ti wo ìran oríta náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò lè sọ mọ́ bóyá ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tuntun ló yẹ kó wá wò ó, ojú rẹ̀ sì ni kí wọ́n máa wò, kì í ṣe animátíìkì. Ibi tó ti wo ilẹ̀, ibi tó ti mí kanlẹ̀, ibi tó ti yíra padà, ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí bí wọ́n bá bi í lẹ́yìn náà, á ní ó dára, kó má bàa ṣẹ̀ wọ́n.

Kò sí òfin tó ní gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo méjèèjì bákan náà. Ní Japan, bébà sítórìbọ́ọ̀dù wọn ní òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa ń kọ iye ìṣẹ́jú àáyá ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sí. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè fi orí ara rẹ̀ gbọ́ bí àkókò ṣe ń lọ. Hayao Miyazaki bẹ̀rẹ̀ yíya Spirited Away, tó jáde ní 2001, kó tó parí sítórìbọ́ọ̀dù rẹ̀ rárá. Àdéhùn àgbà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń fi yíya àwọn eré bíi The Simpsons ránṣẹ́ sí Korea, animátíìkì ni àwọn òǹkọ̀wé kọ́kọ́ ń jókòó wò, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ibi tí ẹ̀rín ti bẹ́ àti ibi tí kò ti bẹ́, kí iṣẹ́ tó kọjá òkun. Bó bá ti kọjá, gbólóhùn kan tí wọ́n bá yí padà ti di àwòrán tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún yà. Ẹgbẹ́ kékeré tí ayàwòrán rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tí ẹni tó ń kun àwọ̀ wà ní Èkó, tí olóhùn sì wà ní London, wà nínú ipò kan náà: animátíìkì nìkan ni nǹkan tí gbogbo wọn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n mọ̀ pé fíìmù kan ni àwọn ń ṣe.

Nígbà tí olùdarí bá sọ pé ó tó, wọ́n á ti animátíìkì náà pa, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iye àkókò láìgba àṣẹ. Olóòtú á gé e sí ṣọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀tì, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á kọ iye fíréèmù rẹ̀ sí i, á sì so ohùn rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀tì oríta láti yà á rí i lórí bébà rẹ̀ pé fíréèmù 216 ni, pé ìyá yí padà láti lọ ní 72, pé ó tún yíjú padà ní 130, àti pé òógùn kò gbọ́dọ̀ yọ lábẹ́ fìlà ṣáájú 160. Lẹ́yìn náà ló tó gbẹ́ pẹ́ńsùlù.